Bí Àwòrán Sákíìtì Bá Sọnù, Oríta Ni Kí A Béèrè

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Kí wá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nígbà tí ohun tó yẹ kí ojú rí bá ti pòórá?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Wáẹ̀kì ní Ìkọ̀lé, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí ìbéèrè físíìsì kan. Inú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ ló wà. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà ṣẹ́ kù: iná mélòó ló ń gba inú rẹsísítọ̀ 3Ω kọjá nínú àwòrán òkè yìí? Àwòrán náà kò sí mọ́, nítorí ẹ̀rọ ti gé orí ojú ìwé náà dànù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọ̀yẹ́ ló ni ojúlówó ìwé náà, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kì í ya àwòrán, ìwé náà yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó yá a ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀ báyìí: báátìrì 12V wà lápá òsì, ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ 1Ω, rẹsísítọ̀ 5Ω wà lókè, 3Ω àti 6Ω wà lápá ọ̀tún.

Ọmọ náà ní, “Àǹtí, 0.8A ni mo rí, ó sì wà lára ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.”

Ohun tó ṣe ni pé ó to gbogbo wọn tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. 1 + 5 + 3 + 6 jẹ́ 15Ω. 12 ÷ 15 sì jẹ́ 0.8. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò: 0.8 × 15 padà di 12. Kò sí àléébù nínú ìṣirò rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ṣe rí, a mọ̀ pé “ẹni tó wà lápá òsì” kò wúlò fún ẹni tí kò rí fọ́tò. Mo lọ bá olùkọ́ físíìsì kan ládùúgbò wa ní Ìdó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mà, ẹ sọ fún un kó má béèrè òkè tàbí ọ̀tún mọ́. Oríta ni kó béèrè.”

Ó fi ọ̀nà ilẹ̀ wa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá ti Adó bọ̀ yóò dé Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà ti pínyà: ọ̀kan lọ sí Ìdó, èkejì lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Bí ènìyàn tilẹ̀ yí máàpù náà lórí kodò, Ìfàkì kò ní yéé jẹ́ oríta. Bẹ́ẹ̀ ni sákíìtì rí. Ìhà tí a ya nǹkan sí kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn ibi méjì tí ó so pọ̀ ni ó ṣe kókó.

Nítorí náà, kí a fún gbogbo ibi tí nǹkan ti so pọ̀ ní orúkọ, kí a sì sọ ibi méjì tí ohun kọ̀ọ̀kan wà láàárín wọn. Ọmọ náà pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà, èsì sì dé:

Báátìrì àti 1Ω inú rẹ̀ wà láàárín D àti A.
5Ω wà láàárín A àti B.
3Ω wà láàárín B àti D.
6Ω náà wà láàárín B àti D.

Àṣírí tú. Ibi méjì kan náà ni 3Ω àti 6Ω so pọ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà: (3 × 6) ÷ (3 + 6) jẹ́ 2Ω. Gbogbo ìdènà wá di 1 + 5 + 2, èyí tí í ṣe 8Ω. Iná tó jáde láti inú báátìrì jẹ́ 12 ÷ 8, ìyẹn 1.5A. Láàárín B àti D, 1.5 × 2 jẹ́ 3V. 3 ÷ 3 jẹ́ 1A nínú rẹsísítọ̀ tí wọ́n béèrè. 3 ÷ 6 jẹ́ 0.5A nínú èkejì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1.5A tó wọ oríta B.

Irú àpèjúwe yìí náà ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SPICE ń lò, èyí tó jáde ní Yunifásítì Kalifóníà ní Bẹ́kílì ní ọdún 1973. Ìlà kan bíi `R2 A B 5` ti tó láti sọ fún un pé rẹsísítọ̀ 5Ω wà láàárín A àti B. Kò nílò àwòrán rárá.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún ni pé ìṣirò kò lè tú àṣírí àpèjúwe tó ṣìnà. 0.8 × 15 pé 12 géérégé, síbẹ̀ sákíìtì mìíràn ni ó ṣírò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ni kí ẹni tó gbọ́ àpèjúwe ya àwòrán tirẹ̀, kí ó kà á padà láti oríta dé oríta sí etí ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìwé náà tó kúrò nílé.