Gbèdéke Ń Bọ̀, Pọ́tà Ò Ṣí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ayọ̀bọ̀ gbé lẹ́tà kan wá kí n bá òun wò ó. Òru ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì máa parí, bẹ́ẹ̀ pọ́tà ilé ẹ̀kọ́ wọn kò ṣí láti ọ̀sán. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ ṣàánú mi sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.” Mo bi í pé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ta? Tìẹ ni àbí tiwọn?

Èsì ìbéèrè yẹn ni lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dúró lé. Bí dátà bá tán tàbí iná lọ, kò kan ọ́fíìsì rẹ́jísítírà. Ṣùgbọ́n ojú fóònù máa ń jẹ́rìí. Bí ó bá gbé “No internet” wá, fóònù gan-an ni kò rí ọ̀nà. Bí ó bá gbé “503 Service Unavailable” tàbí “504 Gateway Timeout” wá, ìbéèrè ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ni kò rí i dáhùn. Ó ya àwòrán 504 náà, aago hàn lókè rẹ̀. Ó tún fi síìmù mìíràn gbìyànjú. Ojú ewé ìròyìn ṣí wẹ́rẹ́, pọ́tà kọ̀.

Ní March 14, 2024, nígbà tí àwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ báńkì wa dákú, ìwé ìròyìn ti jẹ́rìí fún gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ lásán, ìwọ ni ìwé ìròyìn ara rẹ.

Ní ọ́fíìsì rẹ́jísítírà, wọn á sì bi í pé, kí ló dé tó fi di ọjọ́ ìkẹyìn? Ìbéèrè tó tọ́ ni, mo máa bi í bẹ́ẹ̀ náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni owó bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Rísíìtì tó ní RRR, nọ́ńbà oní-díjíìtì méjìlá yẹn, fi wákàtí tó san owó hàn. Sísan owó kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀ ṣá o. Ó ṣì gbọ́dọ̀ wọlé lọ yan kọ́ọ̀sì kí ó sì tẹ “Submit”, ibẹ̀ gan-an ló há sí. A kọ èyí náà sínú lẹ́tà náà.

Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kó bèèrè wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí pọ́tà bá ṣí, kí wọ́n má sì gba owó ìtanràn. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí rẹ́jísítírà, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka, kí aago méjìlá òru tó lù, nítorí lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ ẹni tó pẹ́ ni yóò jẹ́.

Wọ́n sún gbèdéke náà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láìdá a lóhùn. Ṣùgbọ́n pọ́tà ṣì kọ owó ìtanràn sí i lọ́rùn. Lẹ́tà yẹn ló mú lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n fi yọ ọ́.