Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan láàárín èdè mẹ́ta

Ọmọ tí a bí ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ kì í lọ pàdé èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ òfo. Yorùbá ni ó fi mọ ìyá rẹ̀, Faransé ni ó fi kọ́ ìwé kíkà, ìgbà tí ó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a tó gbé Gẹ̀ẹ́sì ka iwájú rẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè yìí, ìbéèrè kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi mí jù: báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan di àsìkò rẹ̀ mú, tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì bá olùwà rẹ̀ mu, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin? Èrò mi ni pé èdè méjì tí ọmọ náà ti ní tẹ́lẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti àsìkò, Yorùbá ni kí ó kọ́kọ́ bi léèrè. Bí ó bá di ti ìbámu olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó bi Faransé. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo ń fi bírò pupa sàmì sí ni ti ẹni tí ó lọ bi èdè tí kò mọ ìdáhùn.

N óò fi lẹ́tà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, obìnrin kan tí mo ti kọ́ rí ń wá iṣẹ́ olùkọ́ èdè Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìhà Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn ń wá, kì í ṣe ẹni tí ó ti fi í sílẹ̀. Ó gbé lẹ́tà rẹ̀ wá, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́.” Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, gbólóhùn márùn-ún inú rẹ̀ nìyí:

“I teach French since four years. The head of the two schools know my work. My father have agreed, and they will bring me. I did not received the form. When I will finish the school year, I will come.”

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbámu. Nínú àsìkò ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Yàtọ̀ sí “be”, àyípadà kan ṣoṣo ni ó ní, èyíinì ni lẹ́tà “s” tí a ń fi kún un nígbà tí olùwà bá jẹ́ ẹnì kan tàbí ohun kan tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun kékeré ni, àmọ́ etí wa kì í gbọ́ ọ. Sílébù Yorùbá kì í parí sí irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi fáwẹ̀lì kún ìdí “bọ́ọ̀sì” kí ó tó lè dùn lẹ́nu wa. Nínú Faransé pẹ̀lú, “s” tí a ń kọ sí ìdí ọ̀rọ̀ sábà máa ń dákẹ́. Ọmọ tí ó bá ń ka gbólóhùn rẹ̀ sókè láti mọ̀ bóyá ó tọ̀nà yóò gbọ́ “know” àti “knows” bí ohun kan náà. Ojú ni a fi ń yẹ ìbámu wò, kì í ṣe etí.

Nínú gbólóhùn kejì, ta ni ó ni “know”? Akẹ́kọ̀ọ́ mi rí “schools” tí ó jókòó ti ọ̀rọ̀-ìṣe náà pẹ́kípẹ́kí, ó sì rò pé òun ni olùwà. Ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ni ó mọ̀ ọ́n. Yorùbá kò lè kìlọ̀ fún un níbí, nítorí pé “ọ̀gá mọ̀ mí” àti “àwọn ọ̀gá mọ̀ mí” kò yí “mọ̀” padà rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ ní Faransé, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbà láti kọ ọ̀rọ̀-ìṣe ọlọ́pọ̀ fún ọ̀gá kan ṣoṣo, torí pé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fìyà àṣìṣe yẹn jẹ ẹ́. Ohun tí mo ń ní kí àwọn ọmọ ṣe ni pé kí wọ́n fi ìka bo “of” àti gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e, títí dé ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹ́ kù ni “The head … know”, ojú yóò sì rí àbùkù náà kíákíá: “The head of the two schools knows my work.”

Gbólóhùn kẹta ní ìtàn mìíràn nínú. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í pe bàbá rẹ̀ ní “ó”. “Bàbá mi ti gbà, wọ́n á sì mú mi wá” ni yóò sọ. Ọ̀wọ̀ yìí ni ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì tí ó bí “have” àti “they”. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀nà láti fi ọ̀pọ̀ bu ọlá fún àgbà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń ka lẹ́tà náà yóò máa wò yíká pé àwọn wo tún ni wọ́n ń bá bàbá náà bọ̀. Faransé náà kì í pe bàbá kan ní ọ̀pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí náà òun ni kí a tún bi. “My father has agreed, and he will bring me”: kò sí àrífín nínú rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a kọjú sí àsìkò, níbi tí Yorùbá ti jẹ́ olùkọ́ tí ó dára jù. Nínú gbólóhùn kẹrin, “I did not received”, akẹ́kọ̀ọ́ mi fi àmì ohun tí ó ti kọjá sí ibi méjì. Bí a ṣe ń sún ọ̀rọ̀ yìí sọ ní Faransé ni ó tì í, nítorí pé níbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó ń tẹ̀léra, tí èkejì sì ń wọ aṣọ ohun tí a ti ṣe parí. Ṣùgbọ́n kí ni Yorùbá sọ? “N kò gba fọ́ọ̀mù náà.” “Kò” ni ó ru gbogbo ẹrù, “gba” dúró láìyípadà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì rí: “did” ti ru àsìkò, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e sì wà lófìfo. “I did not receive the form.” Ìlànà kan náà ni fún “does”: bí “does” bá ti gba “s”, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé e kì í tún gbà á mọ́.

Gbólóhùn karùn-ún náà rí bẹ́ẹ̀. Faransé máa ń lo àsìkò ọjọ́ iwájú lẹ́yìn “nígbà tí”, ìdí nìyẹn tí “When I will finish” fi dà bí ẹni pé ó tọ̀nà lójú akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ṣùgbọ́n a kì í sọ pé “nígbà tí mo máa parí ọdún, n óò wá”. “Nígbà tí mo bá parí” ni a ń sọ. “Bá” yìí kì í ṣe àmì ọjọ́ iwájú. Apá kejì gbólóhùn nìkan ni “n óò” ti ń sọ ọjọ́ iwájú jáde. Gẹ̀ẹ́sì gbà pẹ̀lú wa: “When I finish the school year, I will come.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo fi sẹ́yìn, torí pé òun ni ó lè ba iṣẹ́ obìnrin náà jẹ́. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnì kan ti bá a tún un kọ, ó sì ti di “I taught French for four years.” Bí a bá fi gírámà nìkan wò ó, kò ní àbùkù kankan. Àsìkò rẹ̀ ṣe déédéé, olùwà rẹ̀ kò da nǹkan kan rú. Síbẹ̀, ohun tí ó ń sọ fún ẹni tí ó bá kà á ni pé iṣẹ́ náà ti parí, pé obìnrin yìí ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ohun náà gan-an tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò fẹ́ gbọ́. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò purọ́. Èyí tí wọ́n bá a tún ṣe kò ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́.

Mo bi í pé, “Bí o bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ ńkọ́?” Ó dáhùn láìronú pé, “Mo ti ń kọ́ wọn ní Faransé láti ọdún mẹ́rin.” Ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀. “Ti” sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, “ń” sì sọ pé kò tíì dáwọ́ dúró. Faransé fi àsìkò ìsinsìnyí lásán sọ ọ́, òun ni ó fi kọ “I teach”. Àwọn ọ̀rọ̀ wa méjèèjì ni Gẹ̀ẹ́sì kó pọ̀ sínú “I have been teaching French for four years.” “For” ni a ń lò fún iye ọdún tí ó ti kọjá, “since” jẹ́ ti ọjọ́ tàbí ọdún tí nǹkan bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ ọ́, tí ó sì fi ránṣẹ́. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìlànà mi mọ. A lè sọ pé “mo ti rí i lánàá” kí ó sì dùn létí, Faransé pẹ̀lú sì máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò gba “have seen” pẹ̀lú “yesterday”. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ti dárúkọ ọjọ́ tí ó ti kọjá, “saw” nìkan ni ó kù. Èdè wa méjèèjì ni yóò ṣì wá lọ́nà níbẹ̀, ó sì di dandan kí a há ìlànà náà sórí.

Bákan náà, kí gbólóhùn di àsìkò rẹ̀ mú kò túmọ̀ sí pé àsìkò kan ṣoṣo ni yóò wà nínú lẹ́tà. Lẹ́tà obìnrin yìí ní ju ọ̀kan lọ nínú, gbogbo wọn ni ó sì tọ́: ohun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí, ohun tí ó rí bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, fọ́ọ̀mù tí kò dé, àti wíwá tí ó ń bọ̀ wá wá. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ìdí. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí kíkọ, mo ń ní kí ó fi ìka sí orí ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó bi í ní ìbéèrè méjì: ìgbà wo nìyí, àti pé ta ni ó ni ọ́? Kí ó fi Yorùbá dáhùn èkíní, kí ó sì kọ ìdáhùn èkejì sílẹ̀ ní Faransé.