Aago Ìpadà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Obìnrin kan tó ń gbé ní Èkó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ wo Òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa ti aago tí wọn yóò kúrò nílé bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí. Aago tí ọkọ̀ yóò gbé wọn padà ni òun ti bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 máa ń dúró ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ládẹ̀rìn ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, kì í ṣe àárín ìlú. Níbẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọ́. Wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé ẹsẹ̀ òkúta ni ọkọ̀ yóò ti wá gbé wọn.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà wọn. Obìnrin náà yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò fún ẹnu ọ̀nà àti àyẹ̀wò ẹrù, ó tún yọ wákàtí kan fún ọ̀nà àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ó kù sí aago 2:30 tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọ takisí. Ó sì fi ìpinnu kan kún un: bí aago 3:15 bá lù tí wọn kò tíì rí ọkọ̀, wọn kò ní lé ọkọ̀ ojú irin mọ́, gáréèjì Kútọ̀ ni wọn yóò gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó ń gbé Abẹ́òkúta ti gbọ́ láti alẹ́ àná pé àlejò lè sùn lọ́dọ̀ òun.

Àdìrẹ ló ba ètò jẹ́. Ìnájà ní Ìtòkú pẹ́ (ta ni kò mọ̀ ọ́n?), ojò sì lé takisí kúrò lójú pópó. Nígbà tí aago 3:15 lù, ó gbà pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ti gbé, wọ́n sì kọrí sí Kútọ̀.

Ọkọ̀ gáréèjì kì í wo aago, àfi kó kún. "Màmá, ó ku ẹni méjì péré!" ni ọmọkùnrin tó ń pe èrò wí. Ó yọjú wo inú ọkọ̀. Àwọn mẹ́ta kan jókòó síwájú láìní àpò kankan, wọ́n sì ń bá ọmọkùnrin náà ṣàwàdà.

"Ẹ̀yin ará, Èkó lẹ ń lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ gáréèjì ni wọ́n, ńṣe ni wọ́n jókòó kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó kún. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ kejì, níbi tí àwọn èrò ti gbé ẹrù lé ẹsẹ̀. Ó gbéra ní aago 4:20, ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀ lójú ọ̀run.

Ó pe Abẹ́òkúta lórí fóònù. "Màmá, ẹ má dáná dè wá mọ́ o. A ti wọkọ̀."