Ọdún Tí Wọ́n Gbé Dọ́là Lọ Sí Ọjà Gbàǹjo

Bí náírà bá ti já wálẹ̀, àwọn Mọlà tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó ni ará ọjà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìyàwó ọmọ mi, tó ń ta áńkárá àti léèsì ní Ìkàrẹ́, náà kò rò ó sí ibòmíràn. Ó wá kí mi ní Ọ̀kà níbí, ó sì bi mí léèrè pé, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ rí ìgbà tí náírà kan ń ra dọ́là kan kí ó tún ṣẹ́ kù, ta ló ba owó wa jẹ́ gan-an?” Mo ní kó gbé àga súnmọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ náà gùn, kòkó sì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn, náírà 2 fún pọ́n-ùn 1. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mò ń bá oníkòkó kan ṣiṣẹ́ ní Ọ̀kà. Nígbà tó fi máa di 1980, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 55 ni wọ́n ń ta dọ́là. Àwọn èèyàn ń lọ ra bàtà ní Lọ́ńdọ̀nù bí ìgbà tí èèyàn ń lọ sí Ọ̀wọ̀. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ọwọ́ wa ló fa agbára owó yẹn, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ni. Dọ́là ni òyìnbó fi ń ra epo, ìjọba sì ni dọ́là náà ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ó pọ̀ débi pé ìjọba lè tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó ọjà wọlé, kí ó má sì wọ́n. Ọjà ni dọ́là, bí iṣu ṣe jẹ́ ọjà. Iye tó wọlé àti iye èèyàn tó ń wá a ló ń sọ iye tí wọ́n máa tà á.

Nígbà tó yá, owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba Ṣàgàrí gbé òfin ìṣọ́wó-ná kalẹ̀. Dọ́là tó ń wọlé ti dín kù, àwọn tó ń fẹ́ ẹ kò dín kù. Ó yẹ kí dọ́là wọ́n, ṣùgbọ́n ìjọba kò jẹ́ kó wọ́n. Wọ́n fi iye rẹ̀ sí abẹ́ náírà kan, wọ́n wá ń pín in pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí a ń pè ní láísẹ́nsì. Ẹni tó bá mọ èèyàn ló ń rí láísẹ́nsì gbà, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kankan, á kàn ta ìwé náà fún oníṣòwò.

Ìyàwó mi ń ta léèsì ní Ìkàrẹ́ nígbà náà. Ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti ń hun èyí tó dára jù nínú rẹ̀, púpọ̀ sì máa ń gba Kùtọnu wọlé. Ká sọ pé aṣọ kan jẹ́ dọ́là 50 lọ́hùn-ún. Bí dọ́là bá jẹ́ kọ́bọ̀ 90 ní báńkì, náírà 45 ló yẹ kí owó rẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tó rí i rà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó o wọlé kò rí dọ́là báńkì, ọwọ́ àwọn Mọlà ló ti rà á, nǹkan bíi náírà 4. Náírà 200 ni owó aṣọ náà kó tó dé Èkó, kí a tó ka ọkọ̀ àti èrè. Ìyàwó ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àṣé owó náà ti já tipẹ́.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni. Nínú ìwé ìjọba ni náírà ti lágbára, ó ti já nínú ọjà Ìkàrẹ́.

Ṣùgbọ́n àwa oníkòkó ni ìyà náà jẹ jù. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ra kòkó nìkan ló láṣẹ láti tà á sókè òkun. Ní sáà 1985 sí 1986, náírà 1,600 ni wọ́n ń san lórí tọ́ọ̀nù kan. Àpò 16 ló wà nínú tọ́ọ̀nù, torí náà náírà 100 ni àpò kan. Ní òkè òkun, tọ́ọ̀nù náà ń tó nǹkan bíi dọ́là 2,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní kọ́bọ̀ 90: náírà 1,800 ni. Lórí ìwé, ìjọba kò rẹ́ àgbẹ̀ jẹ púpọ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ ní iye tí àwọn Mọlà ń ta dọ́là: náírà 8,000. Ìyàtọ̀ yẹn kò hàn sí bàbá tó ń gun òkè Ọ̀kà bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kòkó lórí. Ohun tó rí ni pé owó àpò kan kò tó ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé àdá jù sílẹ̀, wọ́n lọ sí Èkó. Títí di òní, mo gbà pé àgbẹ̀ ló san owó dọ́là pọ́ọ́kú tí àwọn ará ìlú ńlá fi ra mílíìkì.

Ní ọdún 1986, epo rọ̀bì tó ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 27 bọ́ sí nǹkan bíi 10. Epo ló ń mú èyí tó ju ìdá 90 nínú ìdá 100 owó òkè òkun wa wá. Kò sí ohun tí ìjọba lè fi gbé irọ́ náà ró mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ìjọba Babangídá ṣí ọjà dọ́là tuntun: Báńkì Àpapọ̀ kó dọ́là sílẹ̀, àwọn báńkì yòókù wá fi owó lé e, gbàǹjo gidi.

Èyí ni ọmọ náà fẹ́ gbọ́ jù lọ, nítorí náà mo fi ìwọ̀nba dọ́là ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ká sọ pé dọ́là 10 ló wà nílẹ̀. Báńkì kan fẹ́ 4, ó ní òun á san náírà 6. Èkejì fẹ́ 4, ó ní 5. Ẹ̀kẹta fẹ́ 4, ó ní 4 àti ààbọ̀. Ẹ̀kẹrin ní náírà 2 péré lòun máa san. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹni tó fi owó tó ga jù lé e, wọ́n á máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, 2 péré ló kù fún un, dọ́là sì tán. Ẹni náírà 2 pa dà lọ́wọ́ òfo. Nínú owó tí àwọn tó rí rà fi lé e ni wọ́n ti ń yọ iye dọ́là ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n sì ń yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ pa dà bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Bí dọ́là tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ 4 dípò 10, ẹni náírà 6 nìkan ló máa rí i rà. Kò sí ẹni tó ṣépè fún náírà, ọjà ló kéré.

Lọ́jọ́ gbàǹjo àkọ́kọ́, dọ́là bọ́ sí náírà 4 àti kọ́bọ̀ 62. Ariwo sọ lórílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, kò jìnnà sí ohun tí àwọn Mọlà ti ń gbà láti ọjọ́ yìí. Ìyẹn ni mo fi sọ fún ọmọ náà pé kó má bá Mọlà jà. Ẹni tó ń ka òjò kọ́ ló rọ òjò.

Ní ọdún náà gan-an, wọ́n tú ìgbìmọ̀ kòkó ká. Tọ́ọ̀nù tó jẹ́ dọ́là 2,000 ti di ju náírà 9,000 lọ ní iye tuntun. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ọ̀kà wá, owó tútù nínú àpò, wọ́n ń bá ara wọn du kòkó. Páànù tuntun yọ lórí ilé. Ní Ìkàrẹ́, léèsì kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n sí i, torí owó Mọlà ni wọ́n ti fi ń tà á tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń fi dọ́là báńkì wọlé ni owó rẹ̀ fò: ohun èlò ọkọ̀, oògùn, ìwé ọmọ ilé ìwé. Àwọn awakọ̀ Ìkàrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ké gbàjarè nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń jó.

Ijó náà kò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin gba ẹni tó bá kó kòkó lọ sí òkè òkun láyè láti mú dọ́là tó bá rí níbẹ̀. Ẹni tó ní náírà púpọ̀, tí kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, á wá ra kòkó kó lè sọ owó rẹ̀ di dọ́là. Ní nǹkan bíi 1988 sí 1989, iye tí àwọn kan ń rà á níbí ti ju ohun tí òyìnbó máa san lọ. Wọ́n ń pàdánù lórí kòkó láti lè jèrè lórí dọ́là. Nígbà tí olùrà kò bìkítà mọ́, àgbẹ̀ náà kò bìkítà mọ́. Kòkó tó yẹ kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ 6, ọjọ́ 2 ni wọ́n ń ṣí i. Mo ń ki ọwọ́ bọ àpò, ó yẹ kí kóró rẹ̀ máa dún wàràwàrà, ọ̀rinrin ni mò ń bá. Bí mo bá fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ á pọ́n bí àlùbọ́sà. Òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára owó kòkó Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni olówó tútù sá, ó sì fi àpò tí kò gbẹ sílẹ̀ fún wa.

Ọmọ náà ní òun ti rí bí dọ́là ṣe ń wọ́n nígbà tí epo bá wálẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tí kì í pa dà tí epo bá gbówó lórí? Ìdí kejì nìyẹn, náírà fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìyá ìyá mi a máa sọ nípa owó ẹyọ, bí ọkọ̀ òyìnbó ṣe kó ẹyọ ńláńlá wá láti Sàǹsíbà títí tó fi di pé èèyàn ní láti ru ẹrù ẹyọ kó tó ra nǹkan gidi. Ìjọba òde òní kò nílò ọkọ̀ ojú omi. Bí owó tí wọ́n ń ná bá ju èyí tó ń wọlé lọ, wọ́n á yá a lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀, báńkì á sì kàn dá owó tuntun sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2023, gbèsè bẹ́ẹ̀ ti ju tírílíọ́nù 22 náírà lọ. Gbogbo náírà yẹn ń wá ohun tó máa rà, dọ́là sì wà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, wọ́n tún tú okùn tí wọ́n fi so dọ́là, láti nǹkan bíi 470 ó kọjá 700, ní 2024 ó ju 1,500 lọ. Ẹni tó rí 1986 mọ ibi tó ń lọ: ìyàtọ̀ láàárín iye báńkì àti iye Mọlà ti gbòòrò tipẹ́, bí ó bá sì ti gbòòrò báyẹn, okùn náà máa já lọ́jọ́ kan.

Mo ní kó má máa wo iye tó ra báńdù aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, iye tó máa fi ra òmíràn ni kó máa fi ta á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrè lórí ìwé ló máa fi jẹ owó ìṣòwò rẹ̀ run. Ó bi mí bóyá kí òun máa ra dọ́là pamọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Mo ní mi ò lè dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pa á mọ́ wà lára àwọn tó ń mú un wọ́n. Ó rò ó díẹ̀, ó ní áńkárá lòun máa fi owó òun rà, dọ́là kò ṣeé rán.