Iye Mẹ́ta Lórí Iṣẹ́ Kan

Ilé-iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ pè wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ méjì sọ pé ₦400,000 ni owó iṣẹ́ àwọn. Ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ₦430,000. Ọ́fíìsì bọ́sà, tí owó náà máa gba ọwọ́ wọn kọjá, ní ₦410,000 ni àwọn máa san sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Èwo ni ká kọ sínú ètò ìnáwó? Àwọn tó fẹ́ fún wa lówó ò ní fi kọ́bọ̀ kún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé. Ohun tó bá dín, àpò wa ló máa ti jáde.

A jókòó tì í, a sì rí i pé owó-orí méjì ló wà níbẹ̀, ìrìn wọn kò sì bára mu. Fáàtì máa ń gun orí owó iṣẹ́ ni. Láti oṣù kejì ọdún 2020, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, èyí tó jẹ́ ₦30,000 lórí ₦400,000. Owó-orí àyọsílẹ̀ ní tirẹ̀ kì í gun orí nǹkan kan. Inú owó iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìdá 5 ni fún irú iṣẹ́ olùdámọ̀ràn báyìí, orí ₦400,000 ni wọ́n sì ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí ₦430,000. Ìyẹn ₦20,000. Bọ́sà á san án fún ìjọba lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú owó-orí tí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ lórí èrè rẹ̀. Owó-orí tiwọn ni, kì í ṣe tiwa.

Nítorí náà, ₦430,000 la kọ. Ẹni tó bá kọ ₦410,000 torí pé òun ló máa hàn ní báǹkì, ₦20,000 ló máa wá lọ́jọ́ tí bọ́sà bá fẹ́ san tìjọba. Ẹni tó bá kọ ₦450,000 ti ka owó-orí àyọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti fáàtì sì rèé: ẹgbẹ́ wa kì í tajà, a ò forúkọ sílẹ̀ fún un, a ò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìnáwó gidi ni.

Ibi tó le díẹ̀ ni ti olùkọ́ tó bá ní, “₦400,000 gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ mi, ẹ má yọ nǹkan kan.” Ẹ má fi ₦20,000 kún un o. Ìdá 5 nínú ₦420,000 jẹ́ ₦21,000, ₦399,000 ló máa kù. Ṣe ni kí ẹ fi 0.95 pín ₦400,000: ₦421,053 ló máa jáde. Ẹ wá ṣírò fáàtì lórí ìyẹn, ₦31,579, kí gbogbo rẹ̀ di ₦452,632. Ohun tó ń béèrè ni pé kí a bá òun san owó-orí òun, fáàtì sì tún gun orí ìyẹn náà. Tiwa ò béèrè bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́.

Níwájú ₦430,000 nínú fọ́ọ̀mù, a kọ ọ́ báyìí: owó iṣẹ́ ₦400,000, fáàtì ₦30,000, owó-orí àyọsílẹ̀ ₦20,000 wà nínú owó iṣẹ́.