Abẹ tàbí Ọlọ?

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù máa ń bi mí pé irú ẹ̀rọ ìlọkọfí wo ni kí àwọn rà. Èmi a ní kí wọ́n rántí ọlọ ìyá wọn.

Ẹ̀rọ alábẹ kì í lọ kọfí, ṣe ni ó ń ṣá a: hóró kan di eruku, èkejì ṣì tóbi. Omi gbígbóná a fa ìkorò jáde lára eruku, kò sì ní rí adùn àwọn tó tóbi fà tán. Ròbọ́sítà tí wọ́n ń gbìn ní Tógò ti korò tẹ́lẹ̀. Eruku a tún dá kún un.

Ẹ̀rọ eléyín ló jọ ọlọ àti ọmọ ọlọ. Àlàfo àárín eyín méjèèjì ni ó ń pinnu bí ìyẹ̀fun yóò ti kúnná tó.

Bí owó yín bá kéré, ẹ ra eléyín àfọwọ́yí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mi ọ̀pá àárín rẹ̀ wò: bí ó bá ń yẹ̀, ìyẹ̀fun kò ní dọ́gba.

Bí alábẹ bá ti wà nílé, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi tó bí ẹ ti fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi asẹ́ tíì yọ eruku rẹ̀ kúrò.