Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Kọ́ ni Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta

Púpọ̀ nínú wa ló lè ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún láìsinmi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká sọ 1,500 ní Yorùbá, a máa ń dákẹ́ ni, tàbí ká kúkú sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó fà á ni pé bí orúkọ tí èèyàn ń há sórí la ṣe kọ́ ọ. Ìṣirò ni, kì í ṣe orúkọ lásán, ọjà sì ni mo ti rí i dáadáa.

Ní ìsinmi àárín sáà tó kọjá, ìyá bàbá mi wá kí wa ní Jọ́ọ̀sì láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá kò gbọ́ Háúsá, wọn kò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi ní kí èmi àti àbúrò mi sìn wọ́n lọ sí ọjà Fárín Gádà, kí n máa bá wọn túmọ̀ iye owó. Ẹgbàárùn-ún náírà ló wà nínú pọ́ọ̀sì wọn, ìyẹn 10,000, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ bébà ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Nínú owó yẹn ni wọ́n máa ti ra ọjà, nínú rẹ̀ náà ni wọ́n máa ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti tán lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀dọ̀ onítòmátì la kọ́kọ́ dé. Ó ní apẹ̀rẹ̀ kékeré jẹ́ dúbú úkù dà dàrí bìyár, ìyẹn 3,500. Mo sọ fún Màmá pé, "Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n pè é." Màmá ní, "Há à! Sọ fún un pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ni màá san."

Ẹ jẹ́ ká tú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá wò. "Gbẹ̀" tó wà láàárín rẹ̀ ni igba, ìyẹn 200. "Tàlá" tó wà nídìí rẹ̀ ni ẹẹ́tàlá. Igba lọ́nà ẹẹ́tàlá jẹ́ 2,600. "Ẹ̀ẹ́dẹ́" tó wà níwájú wá ń sọ fún wa pé ká yọ ọgọ́rùn-ún kúrò. Ó di 2,500. Mo yí i sí Háúsá fún onítòmátì, ó mi orí, wọ́n fà á síwá sẹ́yìn, wọ́n wá pàdé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn ni igba lọ́nà ẹẹ́dógún, 3,000.

Kí ló dé tó jẹ́ igba la fi ń kà? Owó ẹyọ ni. Láyé àtijọ́, ogójì owó ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Bí owó ṣe wà nílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀dùnkún òyìnbó, mo ti rí ọ̀nà tó yá. Ó ní múdù kan jẹ́ 1,500. Ọgọ́rùn-ún mélòó ló wà níbẹ̀? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méjì, ó jẹ́ méje ààbọ̀. Nítorí ààbọ̀ yẹn, mo gòkè sí mẹ́jọ, mo sì fi "ẹ̀ẹ́dẹ́" síwájú: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ká ní 1,600 ló pè é ni, mẹ́rìndínlógún á pín sí méjì dọ́gba, kò ní sí ààbọ̀, ẹgbẹ̀jọ lásán ni màá sọ. Màmá fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó fún wa ní ṣéńjì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ibi mẹ́ta ni ìṣirò yìí ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀wá-ẹ̀wá là ń kà, ogún ni àtẹ̀gùn wa: 50 jẹ́ ẹ̀wá márùn-ún, ìdajì rẹ̀ jẹ́ méjì ààbọ̀, a gòkè sí mẹ́ta, ó di àádọ́ta, ìyẹn ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ni, igba ni àtẹ̀gùn: 500 á di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn 600 tí a yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún ni, ẹgbàá ni àtẹ̀gùn: 5,000 á di ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ìyẹn 6,000 tí a yọ ẹgbẹ̀rún kúrò nínú rẹ̀. Ìdajì àtẹ̀gùn kan la máa ń yọ nígbà gbogbo.

Ibi tí ewu sì wà nìyẹn, nítorí pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta jọra létí. Nígbà tí a ra kárọ́ọ̀tì, Màmá ní kí àbúrò mi fún oníkárọ́ọ̀tì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ohun tó kù nínú pọ́ọ̀sì ni bébà ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹyọ kan tí wọ́n fi ṣe ṣéńjì. Àbúrò mi gbọ́ "márùn-ún" lọ́kàn ara rẹ̀, ó ka bébà ẹgbẹ̀rún márààrún jáde, ó ti ń nà án sí ọkùnrin náà. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gbẹ̀ ni mo wí, n ò wí gbàá!" Owó oògùn ni ì bá lọ yẹn. Láti ìgbà náà, àárín ọ̀rọ̀ ni mo máa ń fetí sí. Tí mo bá gbọ́ "gbẹ̀", mo mọ̀ pé igba ni. Tí mo bá gbọ́ "gbàá", ẹgbàá ni.

Oògùn náà jẹ́ 4,500. Tí a bá tẹ̀ lé ìṣirò wa, ọgọ́rùn-ún márùnlélógójì ni, ìdajì rẹ̀ á gbé wa lọ sí igba lọ́nà mẹ́tàlélógún, ọ̀rọ̀ náà á sì gùn jù lẹ́nu. Màmá kò tiẹ̀ dán an wò. Wọ́n ní, "Ẹgbàajì ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta," ìyẹn 4,000 àti 500. Tí yíyọ bá ti le jù, àwọn àgbà náà máa ń lé e ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó ṣẹ́kù la fi wọ kẹ̀kẹ́ délé.

Àwọn kan wà tí kò tẹ̀ lé ìlànà yìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ há wọn. Igba àti irinwó ní orúkọ tiwọn. Ẹ tún ṣọ́ra fún 30, 300 àti 3,000. A kì í fi "àádọ́" pe 30, ọgbọ̀n ni. A kì í fi "ẹ̀ẹ́dẹ́" pe 300, ọ̀ọ́dúnrún ni. 3,000 náà kì í gun àtẹ̀gùn ẹgbàá, orí àtẹ̀gùn igba ló wà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹgbẹ̀ẹ́dógún.

Tí ẹ bá tún dé ṣọ́ọ̀bù ilé-ìwé wa, ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára nǹkan kí ẹ dán an wò. 1,300 jẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́tàlá, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà ààbọ̀, ẹ gòkè sí méje: ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje. Mo fi 1,700 sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, màá fún un ní bísíkíìtì.